Ọ̀rọ̀ ìkíni l'édè Rọ́ṣíà níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ọ̀rẹ́ mi ń fẹ́ ọmọ Rọ́ṣíà ní Mọ́sìkò, wọ́n ní kí n dìde sọ̀rọ̀ díẹ̀ l'édè wọn níbi àríyá, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀ o, kí ni kí n sọ, báwo ni mo ṣe máa pè é?"

Bọ̀dá mi, ibẹ̀ ni mo ti ka yunifásítì, mo sì ti dìde sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó wọn dáadáa. Èyí tó kúrú ni wọ́n máa ń fẹ́ lẹ́nu àlejò, ẹ há a sórí báyìí:

Da-ra-GI-ye dru-ZYA! Paz-drav-LYA-yu vas! Zhe-LA-yu vam ṢAS-tya i lyub-VI. Sa-VYET da lyu-BOF! Za ma-la-DIH! GOR-ka!

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé: ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, mo bá yín yọ̀, kí ayọ̀ àti ìfẹ́ máa bá yín gbé, kí ẹ gbọ́ ara yín yé kẹ́ ẹ sì fẹ́ràn ara yín (àdúrà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà fún tọkọtaya nìyẹn), ẹ jẹ́ ká mu ún fún tọkọtaya tuntun.

Ibi tí mo kọ gàdàgbà yẹn lẹ ti máa gbé ohùn sókè kẹ́ ẹ sì fà á díẹ̀, ìyókù ẹ sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bíi re-re-mi-do ni da-ra-GI-ye ṣe máa ń dún létí mi. Ohun tó máa ń da àwa Yorùbá láàmú jù ni pé ẹnu wa máa ń ki fáwẹ̀lì bọ àárín, a á ní "duru-siya", "pasi-dirafu", ará Rọ́ṣíà ò sì ní mọ ohun tá à ń sọ. Ẹ lẹ "d" mọ́ "r" pátápátá. Tí "v" bá kàn yín, ẹ fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀ kí ọ̀fun yín sì máa gbọ̀n, "s" tí ọ̀fun ń gbọ̀n náà ni "z", "ṣ" tó ń gbọ̀n ni "zh". "H" tó wà nínú DIH, ẹ fà á látọ̀fun bíi pé ẹ fẹ́ ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀.

GOR-ka gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn o. Ó túmọ̀ sí pé ọtí yìí korò, kí tọkọtaya fẹnu ko ara wọn lẹ́nu kó lè dùn, tẹ́ ẹ bá ti pè é báyìí gbogbo gbọ̀ngàn ló máa gbà á lẹ́nu yín, wọ́n á máa pariwo ẹ̀ títí tọkọtaya á fi dìde ko ara wọn lẹ́nu, àwọn èrò á sì máa ka raz, dva, tri, ìyẹn ení, èjì, ẹ̀ta, bí ìfẹnukò yẹn bá ṣe ń pẹ́ tó, torí náà tẹ́ ẹ bá pè é láàárín ọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ìyókù mọ́.

Ẹ má sọ "na zda-RO-vye" tí gbogbo èèyàn ń kọ́ nínú fíìmù, ẹni tó bá dúpẹ́ oúnjẹ tàbí ọtí ni wọ́n fi ń dá lóhùn. Kẹ́ ẹ sì tètè rí alága ìjókòó, tamada ni wọ́n ń pè é (ta-ma-DA), òun ló ń pe èèyàn sọ̀rọ̀, àwọn òbí ló sì sábà máa ń ṣáájú, kó mọ̀ pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá mutí, ẹ rọ júùsì sí gíláàsì, kò s'éwu.