Owó tí ààbò ń náni nígbà tí ìwọ̀n ò bá dájú

*Ẹ jọ̀ọ́, mo ń gbọ́ káwọn oníṣirò máa sọ pé ààbò ní iye tó ń náni. Kí ni wọ́n ní lọ́kàn gan-an? Ṣé kò sàn kéèyàn kàn gbèrò sí èyí tó burú jù ni?*

Ó sàn tówó bá pọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣe é, kò gbọdọ̀ gbé ju 3,000 kílò lọ, àpò gàrí la fẹ́ kó sí i. Wọ́n ní àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 kílò, àmọ́ ẹni tó bá ti ra gàrí rí mọ̀ pé ó lè fi kílò 5 lé, ó sì lè fi 5 dín. Tẹ́ ẹ bá gba 50 yẹn gbọ́, 60 àpò máa wọlé géérégé, ṣùgbọ́n tí àpapọ̀ bá lé díẹ̀ báyìí, ó ti kọjá òdiwọ̀n nìyẹn.

Èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn, oníṣirò kan tó ń jẹ́ Soyster ti gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1973: ẹ ka gbogbo àpò sí 55 kílò, 54 péré ló máa wọlé. Kò sí bó ṣe máa kọjá láé, àmọ́ àpò 6 ti dúró sílẹ̀, òun gan-an lowó ààbò tí wọ́n ń sọ. Ìgbà wo wá ni gbogbo àpò máa wúwo jù pa pọ̀?

Ìyẹn ni àwọn oníṣirò méjì, Bertsimas àti Sim, ṣe gbé tiwọn jáde ní 2004. Ẹ̀yin lẹ máa mú nọ́ńbà kan, gámà lorúkọ ẹ̀, ìyẹn iye àpò tẹ́ ẹ gbà pé ó lè burú dé góńgó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ka ìyókù sí 50. Tí gámà bá jẹ́ 20, àpò 58 jẹ́ 2,900, ẹ fi 5 lọ́nà 20, ìyẹn 100, kún un, 3,000 pé, àpò 2 péré lẹ pàdánù. Ẹ má sì rò pé tí àpò 21 bá wúwo gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ o, torí àwọn míì máa fúyẹ́, wọ́n á gbè é. Ṣáǹsì pé ẹrù máa kọjá kì í ju èyí lọ, Γ ni gámà, n ni iye àpò:

```
exp(-Γ²/(2n))
```

Fún 58 yẹn, bíi 3 nínú 100. Ẹ gbé gámà sí 30, ó di àpò 57, ṣáǹsì yẹn já sí ìsàlẹ̀ 4 nínú 10,000. Ẹ ò rí i pé àpò kẹta tẹ́ ẹ yọ ṣiṣẹ́ gan-an, àwọn 3 tí Soyster tún yọ lẹ́yìn ẹ̀, owó ńlá fún ààbò tín-ń-tín ni.

Ibi tó ti máa ń dani ni pé fọ́múlà yẹn gbà pé àpò kan ò mọ̀ nípa èkejì, àti pé lílé àti dídín dọ́gba. Òjò pa gbogbo àpò ńkọ́, àbí òṣùwọ̀n ẹni tó tà á ló bàjẹ́? 57 lọ́nà 55 jẹ́ 3,135, gámà 30 ò gbà yín. Ẹ kọ́kọ́ mú àpò bíi mélòó kan gun ìwọ̀n tó dájú, tó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ló fì sápá kan náà, 50 yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ yí padà kẹ́ ẹ tó mú gámà kankan.