Ẹ̀jẹ̀ Nínú Páńpásì Ọmọ Ọjọ́ Márùn-ún

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọbìnrin mi pé ọjọ́ 5 lónìí. Abẹ́ rẹ̀ wú, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú páńpásì rẹ̀ láàárọ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi omi gbígbóná jó o, ọkọ mi ń bi mí pé ta ló fọwọ́ kan ọmọ. Ẹ gbà mí." Ìyá Ìkókó, Bẹẹrẹ, Ìbàdàn

Ìyá Ìkókó, ọmọ mi, o kú ewu ọmọ. Ohun tí o kọ yìí kò jọ pé ẹnikẹ́ni ṣe ọmọ ní jàǹbá. Ara tìrẹ gan-an ló ti wá.

Nígbà tó wà nínú rẹ, omi ara obìnrin tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn ń gba inú ibi ọmọ lọ sára rẹ̀. Òun ló mú kí ojú ara rẹ̀ wú, tó sì mú kí inú ilé ọmọ rẹ̀ nípọn. Ọjọ́ tí wọ́n gé ìwọ́ rẹ̀ ni omi yẹn dá. Bó ṣe ń tán lára rẹ̀, ohun tó nípọn nínú ilé ọmọ ń ya bọ́, bí nǹkan oṣù tìrẹ náà ṣe ń wá nìyẹn. Ìdí nìyí tí kì í fi í sábà wá lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tó fi jẹ́ ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà.

Ọmọ àbúrò mi ní Mókọ́lá ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 4, a rí ìlà pupa tín-ín-rín, ó pò mọ́ ohun funfun tó ń yọ̀ bí ikun. Lọ́jọ́ kejì ó dà bí ipata. Ṣáájú ìkómọ rẹ̀ ó ti tán. Wíwú náà gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó fà. Ọmú rẹ̀ náà wú, a ò sì fún un rárá, torí fífún ni í sọ ọ́ di egbò tó ń ṣọyún.

Sọ fún Màmá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé omi gbígbóná kò lè dá a dúró. Awọ ọmọ á kàn bó ni. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti òwú tó, kí o nu ún láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ohun funfun tó há sínú ìṣẹ́po rẹ̀, má fi èékánná ho ó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tìtorí wíwú yìí ní kí ẹ dá abẹ́ fún un, ẹ kọ̀. Òfin kà á léèwọ̀, àti pé wíwú náà máa fà fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bi ara rẹ ni pé: ṣé wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ fítámì K lọ́jọ́ tí o bí i? Bí wọn kò bá fún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ṣàì dì dáadáa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde láti ìdodo, imú tàbí ìgbẹ́ rẹ̀, bó bá ń rin páńpásì gbingbin, bí ara rẹ̀ bá gbóná, tó funfun, tàbí tí kò mọmú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù lọ́gán, kódà kó jẹ́ òru. Bí ẹ̀jẹ̀ tó kéré náà bá ṣì ń yọ lẹ́yìn tí ọmọ ti kọjá ọjọ́ 14, ẹ gbé e lọ bákan náà, kí ẹ sì mú páńpásì tó kẹ́yìn dání kí dókítà fi ojú ara rẹ̀ rí i.