Púlọ́mbà fẹ́ wọ fúláàtì ayálégbé mi: báwo ni kí n ṣe sọ fún un?

Ìbéèrè: Mo ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Sùúrùlérè. Omi ń jò láti ilé ìwẹ̀ ẹni tó wà lókè sórí sílìn ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ará òkè kì í sábà sí nílé, ó sì ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn òun. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n fi ṣílẹ̀kùn fún púlọ́mbà?

Ìdáhùn: Rárá, mà. Tiyín ni ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ti gba owó ilé lọ́wọ́ ẹni náà, òun ló ni àṣẹ ibẹ̀. Òfin ìyálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní kí ẹnikẹ́ni má da ayálégbé láàmú nínú ilé tó yá. Òfin yìí kan náà ló ní ayálégbé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onílé tàbí ẹ́jẹ́ǹtì wọlé wá yẹ ilé wò, kí wọ́n sì tún un ṣe, bí wọ́n bá ti fi ìwé sọ fún un, tó sì jẹ́ ojúmọmọ, ní àkókò tó bójú mu. Ẹ̀tọ́ àtiwọlé yín wà níbẹ̀, ìwé ló sì ń ṣí i.

Ẹ kọ́kọ́ wo àdéhùn tí ẹ jọ fọwọ́ sí. Bó bá dárúkọ iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún un kí ẹ tó wọlé, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Òfin Èkó kò dárúkọ iye kankan lórí èyí. Wákàtí 24 tí àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ, òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Bó bá jẹ́ àyẹ̀wò lásán, èmi máa ń fún ayálégbé ní ọ̀sẹ̀ kan. Omi tó ń ba sílìn ẹlòmíì jẹ́ ò ṣeé fi ṣeré tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tó. (Àpápá, Ìkòyí, Fikitória Áílàǹdì àti GRA Ìkẹjà ò sí lábẹ́ òfin 2011 yìí o. Sùúrùlérè wà lábẹ́ rẹ̀.)

Ibi tí ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣì í ni pé wọ́n á kọ ọ́ pé “a ń bọ̀ wá ṣàtúnṣe lọ́sẹ̀ yìí.” Ayálégbé ò mọ ọjọ́ tí yóò dúró dè wọ́n, kò sì mọ yàrá tí wọ́n fẹ́ wọ̀. Bí ẹ bá máa kọ ọ́ ní Ọjọ́rú, ẹ kọ ọ́ báyìí:

“Omi ń jò láti ilé ìwẹ̀ yín sí fúláàtì ìsàlẹ̀. Púlọ́mbà kan àti ẹ́jẹ́ǹtì mi ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán. Ilé ìwẹ̀ nìkan ni wọn yóò wọ̀. Wọn yóò ti omi pa fún bíi wákàtí méjì, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tú táìlì díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kó ohun tó wà nílẹ̀ ibẹ̀ kúrò. Bí ọjọ́ yìí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, tàbí tí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíì dúró fún yín, ẹ fi ìwé sọ fún mi kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì fún ẹni bíi tiyín. Ọ̀pọ̀ ayálégbé tó ń kọ̀, ẹrù wọn ló ń bà wọ́n lẹ́rù, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ àtúnṣe. Bí ẹ bá sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀, tó dé tó ní òun ò rí owó tàbí góòlù mọ́, ta ni yóò jẹ́rìí yín? Púlọ́mbà tí ẹ sanwó fún ni àbí?

Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kó fọwọ́ sí ọ̀kan, kó kọ ọjọ́ àti aago sí i. Bí ẹ ò bá bá a nílé, ẹ ti lẹ́tà náà sábẹ́ ilẹ̀kùn níṣojú ẹnì kan, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ kọ lẹ́tà kejì, kí ẹ rán an létí ohun tí òfin ní kó ṣe. Ẹ gba ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́ ará ìsàlẹ̀, kí ẹ fi fọ́tò sílìn tó ti rin mọ́ ọn, kí ẹ wá gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ fún ará ìlú. Wọn kì í gbowó. Ilé ẹjọ́ ló kàn, bí ìlàjà ò bá ṣiṣẹ́. Ẹ má gé omi tàbí iná rẹ̀ láti fi fipá mú un, torí òfin yẹn kan náà kọ̀ ọ́ fún onílé.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé páìpù bẹ́ lójijì, táǹkì ìta ni kí ẹ sáré lọ, kí ẹ ti omi pa níbẹ̀, kí ẹ wá pe ayálégbé lórí fóònù. Omi yóò dá, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ títí yóò fi dé.