Àpapọ̀ owó ọdún tó wà nínú lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ àti iye tí yóò wọlé lóṣooṣù

«Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìn àgùnbánirọ̀ ní Àbújá, iléeṣẹ́ kan ní Jàbí sì ti fún mi ní lẹ́tà pé kí n wọṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Wọ́n kọ ọ́ pé àpapọ̀ owó mi lọ́dún jẹ́ 3,600,000 náírà. Ṣé 300,000 ni n ó máa gbà lóṣooṣù? Mo fẹ́ fi gba ilé kan ní Kúbwà. Mo ti ya àwòrán ojú ìwé kejì sísàlẹ̀.»

Àbúrò mi, bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà rẹ yìí, 199,550 náírà ni yóò máa wọlé lóṣooṣù. Jọ̀wọ́, má tíì san kọ́bọ̀ fún onílé náà títí o ó fi ka èsì mi tán, nítorí pé irú ìṣirò tí o ṣe yìí gan-an ló kó mi sí gbèsè ní ọdún 2017.

Lẹ́tà tèmi sọ pé 1,800,000 lọ́dún. Mo fi 12 pín in, mo rí 150,000, mo sì lọ bá onílé ṣàdéhùn lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí owó oṣù àkọ́kọ́ máa wọlé, ìdíkọ̀ Ùtàkò ni mo wà, mò ń dúró kí ọkọ̀ kún, nígbà tí fóònù mi dún. Ohun tí báńkì kọ ránṣẹ́ ni 104,000 àti ẹ̀yọ díẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì fọkàn sí i pé ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ wa ṣí lẹ́tà mi sí ojú ìwé kejì, ó fi bírò tọ́ka sí gbólóhùn kan tí mo ti fọwọ́ sí nísàlẹ̀ rẹ̀ láì kà á. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí wọ́n kọ. Èmi ni mi ò mọ ohun tí «àpapọ̀ owó ọdún» ń sọ.

Ohun tó ń sọ ni gbogbo owó tí iléeṣẹ́ lè ná lé ọ lórí láàárín ọdún kan bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé. Apá kan nínú rẹ̀ á wọ àpò rẹ lóṣooṣù, apá kan ní ìdí tí a fi ń san án, apá kan kò sì ní kan ọwọ́ rẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ohun tí à ń bi owó kọ̀ọ̀kan tó wà nínú lẹ́tà ni ìgbà wo ni yóò wọlé, àti kí ni ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ó tó wọlé. Jẹ́ kí a bi tìrẹ bẹ́ẹ̀.

Wò ó, 360,000 nínú 3,600,000 rẹ ni wọ́n pè ní owó àṣeyọrí, ìyẹn bọ́nọ́ọ̀sì. Wọ́n kọ ọ́ pé wọn yóò san án ní òpin ọdún «bí iléeṣẹ́ bá rí i pé ó yẹ». Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ yẹn ti sọ ọ́ di ohun tí o kò lè béèrè bí ẹ̀tọ́. Yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò rẹ pátápátá. Bí wọ́n bá san án, o ṣoríire.

Owó oṣù kẹtàlá ló tẹ̀ lé e, 240,000. Lẹ́tà rẹ sọ pé ẹni tí wọ́n ti fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ni wọn yóò san án fún. Wá wo ìpínrọ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa ìgbà ìdánwò: oṣù 6 ni. Ẹni tó wọṣẹ́ ní oṣù kẹjọ kò lè parí ìdánwò kí oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ tó wọlé. Ìyẹn ni pé o kò ní gba oṣù kẹtàlá ní ọdún yìí, bó ti wù kí o ṣiṣẹ́ tó. Àwọn ìpínrọ̀ méjèèjì yìí jìnnà síra wọn nínú lẹ́tà, ohun tí wọ́n sì jọ ń sọ kì í hàn sí ẹni tó bá kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Owó tí iléeṣẹ́ máa san sí àpò ìfẹ̀yìntì rẹ, tí à ń pè ní pẹ́ńṣọ̀n, wà níbẹ̀ pẹ̀lú: 180,000. Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ san ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8 kún un. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń fi ìdá 10 yìí kún iye tí wọ́n bá ọ ṣàdéhùn, àwọn mìíràn, bíi tìrẹ, sì ti kà á mọ́ iye náà. Owó rẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n o kò lè fọwọ́ kàn án kí o tó fẹ̀yìn tì, àfi nínú ipò díẹ̀, bí ìgbà tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ tí o kò sì rí òmíràn láàárín oṣù 4. Nígbà náà ni òfin gbà kí o béèrè fún ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Kò lè san owó ilé fún ọ ní Kúbwà.

Bí a bá yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, 2,820,000 ló kù. Fi 12 pín in, o rí 235,000. Èyí ni owó oṣù rẹ kí wọ́n tó yọ ohunkóhun.

Ohun méjì ni wọn yóò yọ. Ìdá 8 tìrẹ ni àkọ́kọ́. Òfin sọ pé iye tí a ó fi ṣírò rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí àpapọ̀ owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀. Nínú lẹ́tà rẹ, ìpìlẹ̀ jẹ́ 80,000, ilé 45,000, ọkọ̀ 25,000, gbogbo rẹ̀ 150,000. Ìdá 8 rẹ̀ jẹ́ 12,000. Èkejì ni owó orí. Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, wọn kì í gba nǹkan kan lórí 800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, wọ́n sì ń gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí 2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Mú 2,820,000, yọ 144,000 tí o san sí pẹ́ńṣọ̀n lọ́dún, yọ 800,000, ó ku 1,876,000. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ 281,400 lọ́dún, ìyẹn 23,450 lóṣù. Yọ 12,000 àti 23,450 kúrò nínú 235,000, ibẹ̀ ni 199,550 ti wá. Bí oṣù kẹtàlá bá sì dé lọ́jọ́ kan, wọn yóò yọ owó orí tirẹ̀ náà, kò ní jẹ́ 240,000 gbáko.

Ní báyìí, padà sí 80,000 tí wọ́n pè ní owó ìpìlẹ̀, nítorí pé òun ni mo fẹ́ kí o tẹjú mọ́ jù. Nínú 235,000, 85,000 ni wọ́n fi orúkọ oúnjẹ, aṣọ àti iná mànàmáná pè. Lóṣooṣù, orúkọ kò ṣe nǹkan kan sí ọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ sọ pé bí ìhà kankan bá fẹ́ fòpin sí iṣẹ́ láìṣe ìkìlọ̀ oṣù kan, yóò san «owó ìpìlẹ̀ oṣù kan». Bí wọ́n bá dá ọ dúró lójijì, 80,000 ni wọn yóò kà fún ọ, kì í ṣe 235,000. Ìwọ náà, bí o bá rí iṣẹ́ mìíràn, 80,000 ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ, nítorí náà ó gé sọ́tùn-ún ó gé sósì. Èyí tí kò gé sọ́dọ̀ wọn ni ìdá tí wọ́n fi sọ owó pípọ̀ sí i lọ́dọọdún: ìdá 10 lórí ìpìlẹ̀ jẹ́ 8,000, nígbà tí ìdá 10 lórí owó oṣù rẹ ì bá jẹ́ 23,500. Ọdún méjì ni mo fi ń retí «ìdá 10» tèmi kí n tó mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ìbànújẹ́ mìíràn tí mo rí níbi iṣẹ́ yẹn kò sí nínú lẹ́tà rárá. Wọ́n ń yọ ìdá 8 mi lóṣooṣù, ó sì ń hàn nínú ìwé owó oṣù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè àkọsílẹ̀ àpò ìfẹ̀yìntì mi lẹ́yìn oṣù 11, oṣù 3 péré ni wọ́n ti san síbẹ̀. Òfin fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn ọjọ́ tó bá san owó oṣù láti fi owó náà ránṣẹ́. Tètè forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń ṣàkóso owó ìfẹ̀yìntì tí ìwọ fúnra rẹ yàn, kí o fún iléeṣẹ́ ní nọ́ńbà rẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, kí o sì rí i pé nọ́ńbà fóònù rẹ wà lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá kọjá lẹ́yìn owó oṣù tí ìròyìn owó kò wọlé sórí fóònù rẹ, béèrè. Bí wọ́n bá ń dá ọ lóhùn pẹ̀lú ẹnu lásán, PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, wà ní Wúsè 2, kò jìnnà sí Jàbí. Èmi lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé owó oṣù 11 nínú fáìlì, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́ mi.

Kí o tó fọwọ́ sí lẹ́tà, fi íméèlì ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ ọ́ sí ọ. Kí ọ̀rọ̀ rẹ ní ọ̀wọ̀, kí ó sì kúrú. Béèrè iye tí yóò wọ báńkì rẹ ní òpin oṣù kẹjọ lẹ́yìn gbogbo ohun tí wọn yóò yọ. Béèrè bóyá wọ́n lè gbé ìdá 10 pẹ́ńṣọ̀n tiwọn kúrò nínú 3,600,000 kí wọ́n fi sórí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ èyí, béèrè pé kí wọ́n gbé 85,000 yẹn wọ inú owó ìpìlẹ̀. Yóò mú kí owó tí ń wọlé dín díẹ̀ lóṣù nítorí pé pẹ́ńṣọ̀n rẹ yóò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n yóò gbè ọ́ níbi gbogbo tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ díwọ̀n. Má ṣe gba ìdáhùn orí fóònù. Ìdáhùn tó wà nínú íméèlì ni wàá lè ṣí nígbà tí ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀ bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ti ilé Kúbwà, láti oṣù kẹjọ dé oṣù kejìlá, bíi mílíọ̀nù 1 náírà ni yóò wọlé, ibẹ̀ náà ni oúnjẹ àti owó ọkọ̀ lọ sí Jàbí yóò ti jáde. Onílé yóò béèrè owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ajẹ́ńtì yóò sì fi tiwọn lé e. Bí o bá sì gbà á, tọ́jú ìwé àdéhùn àti rìsíìtì: òfin owó orí tuntun gbà kí wọ́n yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ kúrò nínú owó tí wọn yóò bu owó orí lé, ṣùgbọ́n iye tí wọn yóò yọ kò gbọdọ̀ ju 500,000 lọ. Bí ilé náà bá jẹ́ 600,000, yóò dín owó orí rẹ kù ní 1,500 lóṣù, bí o bá mú ìwé náà lọ fún àwọn tó ń ṣírò owó oṣù.