Sísè kò lè mú ewu kúrò nínú oyin ọmọ ọwọ́

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ọmọ mi jẹ́ oṣù mẹ́rin, ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìyá ọkọ mi gbé oyin wá láti Iléṣà, wọ́n ní kí n sè é kó hó dáadáa kí n tó kán an sí i lẹ́nu. Ṣé bí mo bá sè é, kò ní séwu?"

Ó léwu, àbúrò mi. Kó o sè é láti àárọ̀ di alẹ́, ewu rẹ̀ kò ní lọ. Jọ̀wọ́, má kán an sí ọmọ yẹn lẹ́nu.

Kòkòrò àrùn kan wà nínú erùpẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kilositirídíọ̀mù. Tí ibi tó wà bá le mọ́ ọn, á sọ ara rẹ̀ di hóró, á máa sùn bí irúgbìn tó ń retí òjò. Omi híhó kì í pa hóró yìí. Àwọn tó ń di oúnjẹ sínú agolo máa ń lo ìkòkò tí wọ́n dé pa pinpin, tí ooru inú rẹ̀ ń dé 121 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì, kí wọ́n tó rí i pa. Omi ìkòkò tiwa kì í kọjá 100. Oyin tó bá rí irú ooru yẹn, jíjóná ló máa jóná.

Bó ṣe dénú oyin kò ṣòro láti mọ̀. Kòkòrò oyin á fa omi dídùn inú òdòdó sínú àpò kan nínú ikùn rẹ̀, á tún lọ mu omi inú kòtò, eruku ibẹ̀ á sì bá a délé. Á pọ̀ ọ́ sí kòkòrò oyin mìíràn lẹ́nu, ìyẹn náà á gbé e fún òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń gbé e láti ẹnu dé ẹnu ni itọ́ wọn ń yí ṣúgà inú rẹ̀ padà, tó sì ń kan díẹ̀. Wọ́n á wá tú u sínú ihò afárá, wọ́n á máa fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ tọ̀sán tòru. Ohun tí omi lé ní ìdajì nínú rẹ̀ nígbà tó ti òdòdó wá á gbẹ títí omi fi máa kù bí ìdá 18 nínú 100, kí wọ́n tó fi ìda dé e. Ìdí nìyẹn tí oyin kì í fi í tètè bà jẹ́: ó gbẹ jù, ó dùn jù, ó tún kan, kòkòrò àrùn kò lè bí sí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n hóró tó ń sùn kò kú.

Àwa àgbà ń gbé e mì, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan, torí àwọn kòkòrò rere tó kún inú wa kì í fún un láyè. Inú ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12 kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Hóró á jí níbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, á máa tu májèlé tó ń dí ibi tí iṣan ti ń gbé àṣẹ fún ẹran ara. Bọ́túlísíìmù ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ọdún 1976 ni àwọn dókítà ní Kalifóníà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a mọ̀ lára ọmọ ọwọ́, a ò sì tíì gbọ́ ọ dáadáa níbí.

Ọmọ mi kejì ló ṣe. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí ọkọ mi tó wá bá wa wẹ ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ ló ń fi ìka tọ́ oyin sí i lẹ́nu láràárọ̀, wọ́n ní kí ohùn rẹ̀ lè dùn. Àìyàgbẹ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé ní ọmọ tó ń mu ọmú nìkan lè ṣe bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Àmọ́ tèmi kò mu ọmú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Á gbá a mú, á fà á díẹ̀, á dákẹ́, wàrà á máa ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Igbe rẹ̀ kéré débi pé mo ní láti sún etí mọ́ ọn. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ dé ìdajì ojú, wọ́n ní oorun ló ń kùn ún. Ọjọ́ tí mo gbé e sókè tí orí rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn, tí kò lè gbé e padà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́, mo gbé e jáde.

Ilé ìwòsàn tá a kọ́kọ́ lọ, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ọmọ jẹ. Ara rẹ̀ kò gbóná rárá, ibà ni wọ́n kọ sórí káàdì. Dókítà kan tí kò gbójú sókè lórí fóònù rẹ̀ ní èmi ni mo ń ronú jù. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ ibà, wọ́n tún fi jẹntamáísìn kún un. Jẹntamáísìn yìí, ibi tí májèlé yẹn ń dí gan-an lòun náà ń dí! Mímí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Aládùúgbò ní gírì ni. Ọmọ tí gírì mú a máa le, a máa gbọ̀n. Tèmi rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀.

Ibi kejì tá a gbé e lọ, bàbá dókítà kan tan iná sí i lójú, ó rí i pé ẹyinjú rẹ̀ kò tètè ṣe nǹkan kan, ó wo bí àìlera náà ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ojú àti ẹnu tó ń sọ̀kalẹ̀, ó wá bi mí: "Ìyá, ta ló fún un ní oyin?" Oògùn tó ń pa májèlé náà wà lókè òkun, kò sí lọ́dọ̀ wọn. Rọ́bà tí wàrà ń gbà nímú, ọ́síjìn, àti nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ mímí rẹ̀, ohun tí wọ́n fi gbà á nìyẹn. Iṣan tí májèlé ti dí, àfi kó hu tuntun. Ó pẹ́ gan-an kí ọrùn rẹ̀ tó dúró.

Kí n má parọ́, wọn ò rí ibi tí wọ́n ti lè yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, eruku ilé náà sì lè gbé hóró yẹn wọ ẹnu ọmọ. Mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n ta ló lè sá fún eruku? Oyin ṣeé sá fún. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ní gbogbo ọjọ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì á kọrin ọmú fún wa títí ohùn á fi há, wọn kì í dárúkọ oyin lẹ́ẹ̀kan.

Tí wọ́n bá sọ fún ẹ pé ògidì ni ti Iléṣà, pé àwọn ti fi ìṣáná dán an wò, ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣáná kò lè fi hóró hàn. Ògidì náà lè ní hóró. Bákan náà ni àgbo tí wọ́n fi oyin pò. Níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ fi oyin wúre, kí bàbá àti ìyá tọ́ ọ wò, kí wọ́n má fi kan ètè ọmọ. Ìwọ tó ń fún un lọ́mú lè lá a bó ṣe wù ẹ́, kì í bá ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ohun tí wàá fi gba oyin yẹn lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ tayọ̀tayọ̀ nìyẹn. Kí o sọ fún wọn pé dókítà ní ó di ìgbà tó bá pé ọdún kan.

Ikọ́ ọ̀hún ńkọ́? Máa fún un lọ́mú dáadáa, kán omi iyọ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì sí i nímú kó tó mu ún. Nígbà tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ka mímí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bó bá tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí, gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí. Tí wọ́n bá sì ti kán oyin sí i lẹ́nu láìjẹ́ pé o mọ̀, máa ṣọ́ ìgbẹ́ rẹ̀, igbe rẹ̀ àti bó ṣe ń fa ọmú fún oṣù kan gbáko. Bí èyíkéyìí bá yí padà, oyin ni kó o kọ́kọ́ dárúkọ fún dókítà, kí wọ́n tó yọ abẹ́rẹ́.