Páálí tó wú lẹ́yìn tí a ti fún ejẹ́ńtì ní ìwọ̀n rẹ̀: ṣé ká kọ lẹ́tà ni àbí ká dákẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fi fìlà aṣọ òkè ránṣẹ́ láti Ìlọrin sí Lọ́ńdọ̀nù, páálí 12, nínú ọkọ̀ òfúrufú. Ìwọ̀n tí ẹni tó ta páálí fún mi sọ ni mo fún ejẹ́ńtì, 60 × 40 × 40, kílò 14 ọ̀kọ̀ọ̀kan (fìlà nìkan ni mo gbé sórí sìkéèlì). Nígbà tí a dì í tán, ó wú di 64 × 43 × 45, kílò 16.5. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n dákẹ́, pé bí mo bá kọ lẹ́tà, wọ́n á bu owó lé e, àti pé ẹrù tó fúyẹ́ báyìí, kò sẹ́ni tó máa fi téèpù wọ̀n ọ́n. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Kọ lẹ́tà, àbúrò mi, kọ ọ́ lónìí, kí ejẹ́ńtì tó gé wébíìlì ẹrù náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ yẹn ń bí mi nínú, torí ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí ní irú rẹ̀, ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn báyìí kì í sì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹrù bá dúró.

Lẹ́tà kọ́ ló ń bu owó lé ẹrù. Sìkéèlì àti téèpù ló ń sọ iye tó o máa san. Ní ṣẹ́ẹ̀dì ẹrù ní pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà, wọ́n máa ń gbé ẹrù sórí sìkéèlì kí wọ́n tó gbà á wọlé, nítorí ìwúwo gbogbo ẹrù ni wọ́n fi ń ṣètò bí ọkọ̀ òfúrufú ṣe máa dọ́gba nígbà tó bá gbéra. Wọ́n á rí i. Ohun tí lẹ́tà rẹ lè yí padà kò ju méjì lọ: o máa mọ iye owó tòótọ́ nígbà tó o ṣì wà ní Ìlọrin, tó o ṣì lè tún ẹrù dì, ìwé rẹ á sì bá ẹrù rẹ mu. Oníbàárà mi kan láti Ọ̀fà dákẹ́ nígbà kan. Ẹrù rẹ̀ sùn sí ṣẹ́ẹ̀dì títí wọ́n fi tún gbogbo ìwé ṣe, ó sì san owó ìpamọ́ lé owó ẹrù.

Ti pé ẹrù fúyẹ́ yẹn gan-an ló burú jù. Oríṣi ìwọ̀n méjì ni ọkọ̀ òfúrufú ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ni gúróòsì, ìyẹn ìwúwo ohun gbogbo: fìlà, bébà tó o kì sínú rẹ̀ kó má baà rún, páálí, téèpù àti okùn. Èkejì ni ìwọ̀n àyè, ìyẹn bí ẹrù ṣe gba ibi tó. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì lo máa san owó rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìwọ̀n àyè ni pé wọ́n á fi gígùn, fífẹ̀ àti gíga ní sẹ̀ǹtímítà sọ ara wọn di púpọ̀, wọ́n á sì fi 6000 pín in.

Jẹ́ ká ṣe tìrẹ. Èyí tó o kọ́kọ́ fún wọn:

```
60 × 40 × 40 ÷ 6000 = 16
16 × 12 = 192 kg
```

Bí ó ṣe wà báyìí:

```
64 × 43 × 45 ÷ 6000 = 20.64
20.64 × 12 = 247.68 kg
```

Wọ́n á gbé e sókè sí 248. Gúróòsì rẹ jẹ́ 16.5 lọ́nà 12, kílò 198 péré. O rí i pé ìwọ̀n àyè ni wọ́n máa fi gba owó lọ́wọ́ rẹ, ó sì fi kílò 56 ju èyí tí wọ́n fi fún ọ níye lọ. Wíwú páálí ló fa ìyẹn, kì í ṣe fìlà. Bi ejẹ́ńtì rẹ bóyá 6000 ni wọ́n fi ń pín in, torí àwọn tó ń gbé ẹrù láti ilé dé ilé sábà máa ń fi 5000 pín, ìyẹn sì máa ń mú owó ga sí i.

Kó o tó kọ lẹ́tà, tún un wọ̀n. Gbé páálí sí ilẹ̀ tó tẹ́jú lẹ́yìn tó o ti lẹ̀ ẹ́ pa tó o sì ti so ó. Fi pákó pẹrẹsẹ méjì há ibi tó wú jù láti ọ̀tún àti òsì, kó o wọn àárín pákó méjèèjì. Má wọn igun rẹ̀, torí igun kì í wú. Iye tí ẹni tó ta páálí fún ọ sọ, inú páálí ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n, ìta ni ọkọ̀ òfúrufú ń wọ̀n. Bí o kò bá ní sìkéèlì tó dáa, bẹ àwọn oníkaṣú kí wọ́n yá ọ ní tiwọn, kó o rí i pé ó wà lórí òdo kó o tó gbé ẹrù lé e.

Ó tún ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà gbọ́ àfi tí mo bá ṣírò rẹ̀ lójú wọn. Bí o bá dín fìlà díẹ̀ kù nínú páálí kọ̀ọ̀kan tí kò fi wú mọ́, tó o wá di páálí 13, tí ìta rẹ̀ jẹ́ 61 × 41 × 41, ìwọ̀n àyè gbogbo rẹ̀ á jẹ́ kílò 222.17, wọ́n á gbé e sókè sí 222.5. Páálí fi ẹyọ kan pọ̀ sí i, owó sì dín ní kílò 25 àti àbọ̀. Bó o bá ṣe èyí, tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n, kó o sì kọ 13 sínú gbogbo ìwé.

Ká ní 12 ló ṣì jẹ́, bí lẹ́tà ṣe máa lọ nìyí. Fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ bí ejẹ́ńtì rẹ bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́:

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ́gi lé ìwọ̀n tí mo fún yín tẹ́lẹ̀ lórí fìlà páálí 12 tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tí mo fún yín: 60 × 40 × 40 sẹ̀ǹtímítà, kílò 14 lórí páálí kan, àpapọ̀ kílò 168. Èyí tó tọ̀nà: 64 × 43 × 45 sẹ̀ǹtímítà ní ìta, gúróòsì kílò 16.5 lórí páálí kan, àpapọ̀ gúróòsì kílò 198. Ohun tó fa àṣìṣe ni pé ìwọ̀n inú páálí àti ìwúwo fìlà nìkan ni mo fi ránṣẹ́. Iye páálí, iye fìlà, ìwúwo fìlà nìkan (kílò 168) àti owó ọjà kò yí padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye owó tuntun ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó gé wébíìlì, kí ẹ sì kọ̀wé dá mi lóhùn pé ẹ ti gba àtúnṣe yìí."

Má yọ iye àtijọ́ kúrò níbẹ̀, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹrù lè mọ ìwé tó máa sọ nù. Má sì gbàgbé gbólóhùn tó sọ pé owó ọjà kò yí padà, torí bí wọ́n bá rí ìwọ̀n tuntun, ìbéèrè tí wọ́n máa bi ọ́ ni bóyá ọjà pọ̀ sí i. So ìwé àkójọ ẹrù tuntun mọ́ ọn, kó ní déètì tuntun, pẹ̀lú fọ́tò sìkéèlì àti téèpù lára páálí. Ohùn lórí Wáàsápù kò tó.

Bí ìwọ̀n àtijọ́ bá ti wọ fọ́ọ̀mù NXP, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí a ń tipasẹ̀ báńkì fi forúkọ ọjà tó ń lọ sókè òkun sílẹ̀, má fọwọ́ kàn án fúnra rẹ. Béèrè lọ́wọ́ báńkì tó bá ọ ṣe é, torí èmi kò rí ìwé rẹ, mi ò lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láti ibí. Bí ẹrù bá sì ti gbéra kó o tó ka èyí, ejẹ́ńtì ló máa kọ̀wé àtúnṣe sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n sì lè gba owó lé e. Ọjọ́ tó o bá ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni kó o fi ìwé àkójọ ẹrù tuntun ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gba ọjà ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú, kó sì pa ti àtijọ́ rẹ́.