Ta ló ni báńkì tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Akáńtáǹtì ni mí ní ilé ìwé aládàáni kan n'Íbàdàn, ₦180,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Báńkì máíkúrófáínáǹsì kan n'Íkẹjà ti fún mi ní lẹ́tà pé àwọn á máa san ₦400,000, pé tó bá di oṣù mẹ́fà, àwọn á gbé mi lọ sí ẹ̀ka tuntun l'Ábẹ́òkúta. Orúkọ báńkì ló wà lókè lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n orúkọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan àti nọ́ńbà RC tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ló wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n fún mi láti fèsì. Ìyàwó mi wà nínú oyún. Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó ni wọ́n, àti pé wọn ò ní kógbá wọlé lẹ́yìn tí mo bá ti kúrò níbi tí mo wà?*

Ọmọ mi, Ọlọ́run á sọ ìyàwó rẹ kalẹ̀ láyọ̀. Má tíì fi iṣẹ́ ilé ìwé yẹn sílẹ̀.

Ibi orúkọ méjì yẹn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fi fóònù yáni lówó ló ra báńkì máíkúrófáínáǹsì kékeré kan torí láísẹ́ǹsì rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tó kàn ọ́ ni pé láísẹ́ǹsì lè jẹ́ ti báńkì, kó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ló gbà ọ́ síṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ owó oṣù bá dé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tó o fọwọ́ sí ni wàá bi, kì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà.

Lọ sí search.cac.gov.ng, níbi tí àjọ CAC tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kó gbogbo wọn sí. Ọ̀fẹ́ ni. Tẹ nọ́ńbà RC tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, kó o wá tẹ orúkọ báńkì náà lọ́tọ̀. Wàá rí ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, àdírẹ́sì, àti bóyá ACTIVE tàbí INACTIVE ló wà níwájú orúkọ wọn. INACTIVE sábà máa ń túmọ̀ sí pé wọn ò fi ìwé ọdọọdún tó yẹ ránṣẹ́ sí àjọ náà. Kì í ṣe olè nìyẹn, ṣùgbọ́n akáńtáǹtì ni ọ́: o mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ìwé kékeré bá ti ń di gbèsè. Fi ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ náà wé ohun tí wọ́n sọ fún ọ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí wọ́n bá ní àwọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún mẹ́wàá, tí ìwé sì sọ pé ọdún tó kọjá ni, bi wọ́n léèrè.

Láti mọ olówó wọn gan-an, bor.cac.gov.ng ni kó o wò. Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020 sọ pé kí ilé iṣẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni tó bá ní ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 ìpín rẹ̀, yálà ó mú un lọ́wọ́ fúnra rẹ̀ tàbí ó gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ mìíràn. Bó bá jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn lo bá níbẹ̀, tẹ̀ lé e lọ títí wàá fi kan èèyàn. Bó bá wá jẹ́ ọkùnrin kan, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ló ni gbogbo rẹ̀, mi ò ní kó o sá. Ṣùgbọ́n wádìí òwò mìíràn tí ọkùnrin náà ń ṣe. Bó bá ń kọ́lé tà tàbí tó ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun, owó báńkì lè máa gba ẹ̀yìn lọ síbẹ̀. Irú ìyẹn ti ba báńkì kékeré jẹ́ ju àwọn tó jẹ gbèsè tí wọn ò san lọ, lójú tèmi.

Ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta ló wá dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà rẹ, torí ó máa jẹ́ kó o mọ òótọ́ kíákíá. Láísẹ́ǹsì máíkúrófáínáǹsì ní ìpele. Èyí tó kéré kò lè kúrò ní àdúgbò tí wọ́n fún un. Ti ìpínlẹ̀ kò lè kọjá ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, owó ìdásílẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó bílíọ̀nù 1 náírà. Ti gbogbo orílẹ̀-èdè nìkan ló lè ní ẹ̀ka n'Íkẹjà àti l'Ábẹ́òkúta pọ̀, bílíọ̀nù 5 náírà sì ni tirẹ̀. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, gbé orúkọ àwọn tó ní láísẹ́ǹsì sórí ìkànnì rẹ̀, cbn.gov.ng, pẹ̀lú ìpele wọn. Bí báńkì yìí bá jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó nìkan, ẹ̀ka Abẹ́òkúta kò lè sí, àyàfi tí wọ́n bá ń dúró de láísẹ́ǹsì ńlá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, CBN gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ báńkì máíkúrófáínáǹsì 132 lẹ́ẹ̀kan náà. Lára ẹ̀sùn tó fi kàn wọ́n ni pé dúkìá àwọn kan kò tó san gbèsè wọn mọ́, àwọn kan ò sì ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ fún wọn láṣẹ fún oṣù mẹ́fà gbáko. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìdójútòfò ti àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NDIC wà fún owó àwọn tó tọ́jú owó sí báńkì. Kò wà fún owó oṣù òṣìṣẹ́.

Ní ti bóyá wọ́n rọ́wọ́ mú, owó ìfẹ̀yìntì ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ dá ìdá 10 nínú 100 owó oṣù rẹ, kó yọ ìdá 8 lára tìrẹ, kó sì fi í ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tó bá san owó oṣù. Bí owó bá ti ń há, owó yìí ni wọ́n máa ń dá dúró ṣáájú, torí òṣìṣẹ́ kì í tètè mọ̀. Wá ẹni méjì tó ti kúrò níbẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì lórí LinkedIn. Má bi wọ́n pé ṣé ibẹ̀ dára, torí onínúure á ní ó dára, ẹni tí inú ń bí á ní kò dára. Bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni owó oṣù máa ń wọlé, àti pé àléètì owó ìfẹ̀yìntì wọn wọlé lóṣooṣù títí wọ́n fi kúrò? Bó bá jẹ́ pé ó dúró fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, o ti rí ìdáhùn rẹ.

Ní ọjọ́ kejì, kọ lẹ́tà sí ọ̀gá tó ń gba òṣìṣẹ́. O lè kọ ọ́ báyìí: "Ẹ ṣeun fún lẹ́tà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ilé iṣẹ́ wo gan-an ni mo ń bá tọwọ́ bọ ìwé? Ta ni yóò máa fi owó ìfẹ̀yìntì mi ránṣẹ́? Ṣé láísẹ́ǹsì yín kan Ìpínlẹ̀ Ògùn?" Fi kún un pé ó wù ọ́, àmọ́ o fẹ́ ọjọ́ méje sí i. Ilé iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á dáhùn láàárín ọjọ́ kan. Èyí tó bá bínú tàbí tó pariwo pé ẹlòmíràn ti ń dúró, mi ò ní gbà kí ọmọ mi lọ síbẹ̀ pẹ̀lú oyún nílé, bí wọ́n tilẹ̀ ń san ₦600,000.

Bí ìdáhùn bá dára, jẹ́ kí wọ́n tún lẹ́tà náà kọ, kí orúkọ kan ṣoṣo wà lókè àti nísàlẹ̀, pẹ̀lú owó oṣù, ọjọ́ ìsanwó, àti iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi ṣèkìlọ̀ fún ọ kí wọ́n tó lè dá ọ dúró. Ìgbà tí èyí bá wà lọ́wọ́ rẹ ni kó o tó kọ̀wé sí ilé ìwé. Kọ sí mi padà tó o bá ti rí orúkọ àwọn olówó wọn.